Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kó owó ẹ̀gbọ́n mi jẹ, kóòtù ti dá a lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n mélòó ló tọ́ sí i?

Àyọ̀_Kúbwà
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ta fóònù àti ẹrù fóònù ní Wúsè. Ọmọ tó ń bá a dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọdún méjìlélógún, ló kọ nọ́ńbà àkáǹtì tara ẹ̀ sórí bébà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ bo ti ṣọ́ọ̀bù lórí gíláàsì káńtà, tí kọ́sítọ́mà bá ti ra ṣájà tàbí ìbòjú fóònù tó fẹ́ ṣe tiransífà, àpò ọmọ yẹn lowó ń gbà lọ. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń bọ̀, á ṣí bébà ẹ̀ kúrò. Oṣù mẹ́rin gbáko kó tó tú, ₦640,000 lápapọ̀. Ó ti dá ₦150,000 padà. Kò bá wọn jà ní kóòtù, ó ní òun jẹ̀bi, adájọ́ ti dá a lẹ́bi, ó wá sún ọ̀rọ̀ ìjìyà sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní ẹni tí wọ́n jà lólè lè wá sọ tẹnu ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún méje lòun fẹ́, kó lè di ẹ̀kọ́ fáwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù yòókù. Ìyàwó ẹ̀ ní kí wọ́n gbowó kọ́mọ máa lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kọ ìwé tí wọ́n máa mú lọ. Kí ló tọ́ ká sọ?

Bàbá_Nyányà
Kí tún ni ìbéèrè nínú ìyẹn? Ẹni tó jalè, ẹ̀wọ̀n ni. Òfin Pẹ́nà Kóòdù tí a ń lò ní Abújá ńbí ti sọ ọ́, ọmọ iṣẹ́ tó bá jí nǹkan ọ̀gá ẹ̀, ọdún méje. Adájọ́ ò tiẹ̀ ní agbára láti yí i padà. Kẹ́ ẹ máà jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín fi àánú ba nǹkan jẹ́, àánú ló sọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí dà báyìí.

Lọ́yà_Gáàkì
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Abala 289 nínú Pẹ́nà Kóòdù ló wà fún olè ọmọ iṣẹ́, ọdún méje sì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹ̀wọ̀n náà *lè tó* ọdún méje, tàbí kó jẹ́ fáìnì, tàbí kó jẹ́ méjèèjì. Òkè àjà ni ọdún méje yẹn, kì í ṣe ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn máa dúró lé. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 dé, ACJA tí gbogbo wa mọ̀, abala 416 ẹ̀ sì ní kí adájọ́ má fún ẹni tó ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìjìyà tó pọ̀ jù lọ. Tí ọmọ yìí ò bá tíì ṣẹ̀ rí, ọdún méje ti jáde nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ ò lè rí i gbà kódà tó bá da ara délẹ̀ ní kóòtù.

Ohun tó ṣòro ibẹ̀ gan-an ni pé abala 401 to ohun tí ìjìyà wà fún lẹ́sẹẹsẹ: kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́, kí wọ́n ká ọ̀daràn lọ́wọ́ kò, kó yí padà, kó dẹ́rù ba ẹlòmíì, kó kọ́ ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́, kó gba ẹ̀san ohun tó ṣe, kó dá nǹkan olóhun padà. Méje, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ò wá sọ èyí tó ṣíwájú nínú wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó ẹ̀ ti pínyà, àwọn méjèèjì ló sì ní òfin lẹ́yìn.

Ìyá_Ìbejì_Lúgbè
Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yìí ń dùn mí lọ́kàn ni o. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Sùlèjá fún ọdún kan àtààbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí wọ́n ní ó mọ ẹni tó jí i, wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ títí dòní. Ẹ lọ gba bélì fún ọmọ yẹn kíákíá, kẹ́ ẹ wá ẹni méjì tó ní ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Àyọ̀_Kúbwà
Mà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á yọ àbúrò yín. Àwa lẹni tí wọ́n jà lólè mà, ọmọ yẹn kọ́ ló jẹ́ tiwa. Ó ti ṣe oṣù mẹ́ta ní Kùjẹ́ kí wọ́n tó gba bélì ẹ̀, wọ́n ti dá a lẹ́bi, ìjìyà ló kù.

Tíṣà_Zàríà
Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Àyọ̀, ẹ padà lọ ka ohun tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín sọ. Ó ń bínú bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san, àmọ́ ìdí tó mú wá kì í ṣe ti ẹ̀san. “Kó lè di ẹ̀kọ́ fáwọn yòókù” yẹn, ìdẹ́rùbà ni. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, iye ọdún tí wọ́n máa bí sì yàtọ̀ síra.

Tó bá jẹ́ ẹ̀san ni, ọrùn ọmọ yìí nìkan la máa wò. Kí ló ṣe, báwo ló ṣe burú tó, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nǹkan tó ṣe burú, kí n máà purọ́, bébà tó ń lẹ̀ tó tún ń ṣí yẹn, ọjọ́ kan kọ́, òwúrọ̀ òwúrọ̀ ló ń pinnu ẹ̀ lọ́tun, ìyẹn kì í ṣe ìdẹwò tó gbá èèyàn mú lójijì. Àmọ́ kò gbé ọ̀bẹ, kò lu ẹnikẹ́ni, ₦640,000 ni, ó sì jẹ́wọ́. Kó o ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wàá rí i pé iye ọdún kan máa wà tó bá ti kọjá ẹ̀, ojú á ti ìwọ gan-an tó ń bínú.

Tó bá jẹ́ ìdẹ́rùbà ni, ọmọ yìí kọ́ la ń wò mọ́, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó kù nínú pláásà là ń wò. Tí wọ́n bá ya olórí kunkun, a ó fún un ní méje. Tí wọ́n bá jẹ́ ojo, oṣù kan ti tó. Ìjìyà ọmọ yìí wá ń lọ sókè sódò nítorí ìwà ẹni tí kò mọ̀ rí. Òun ni Káǹtì, ọmọ Jámánì, fi kọ̀ ọ́ láyé ọjọ́un, ó ní a ò gbọ́dọ̀ sọ èèyàn di ohun èlò lásán fún àǹfààní ẹlòmíì, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ìjìyà yẹn tọ́ sí i ná.

Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè kan fún mi. Tí wọ́n bá ti ọmọ yìí mọ́lé ọdún méje àmọ́ tí ẹnì kankan ní Wúsè ò ní gbọ́ sí i láéláé, ṣé á ṣì fẹ́ méje?

Bàbá_Nyányà
Tíṣà, gírámà pọ̀. Tí a bá nà án, àwọn tó kù á gbọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà, a ò sì ya olè.

Tíṣà_Zàríà
Bàbá, mi ò ní ìjìyà kì í dẹ́rù ba èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìwọ̀n ọdún kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ṣe dájú tó pé wọ́n á mú èèyàn ni. Ará Ítálì kan, Bẹkaríà, ti sọ ọ́ láti 1764, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ìwà ọ̀daràn lónìí náà ṣì ń bá a lọ níbẹ̀. Yorùbá ní gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún olóhun, àmọ́ ẹ fi etí olè gbọ́ ọ: gbogbo ọjọ́ jẹ́ tèmi, àfi ọ̀kan! Ohun tí àwọn ọmọ pláásà yẹn rí kọ́ lára ọ̀rọ̀ yìí ni pé èèyàn lè lẹ bébà mọ́ káńtà fún oṣù mẹ́rin kí ọ̀gá má mọ̀. Yálà wọ́n fún ọmọ yẹn ní oṣù mẹ́fà tàbí ọdún mẹ́fà, oṣù mẹ́rin yẹn ni wọ́n máa rántí. Tí ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ bá ń fi àlẹ́ẹ̀tì báǹkì wé ẹrù tó jáde ní alaalẹ́, ọjọ́ kejì ni ì bá ti rí i.

Ọmọ_Ìlọrin_Jàbí
Èyí tí Tíṣà sọ dára o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ní Sàmfárà ni ńkọ́? Ní 2000 wọ́n gé ọwọ́ ọkùnrin kan níbẹ̀ torí màlúù tó jí. Gbogbo ayé gbọ́. Ẹ̀rù gidi nìyẹn.

Tíṣà_Zàríà
Sàmfárà kan náà yẹn ni àwọn tó ń kó màlúù wá pọ̀ sí lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n ń kó odidi agbo pẹ̀lú ìbọn. Mi ò fi ìyẹn ní gígé ọwọ́ ló fà á o, nǹkan tó fa ọ̀rọ̀ Sàmfárà pọ̀ rẹpẹtẹ. Àmọ́ ẹni tó wà nínú igbó Sàmfárà mọ̀ pé ó ṣòro kí wọ́n tó mú òun, kí ló wá kan òun pẹ̀lú bí ìjìyà ṣe le tó?

Ọmọ_Ìlọrin_Jàbí
Ó tọ́. Kí n tún fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ro ó gba ọ̀nà tí kò sí: kódà níwájú kádì, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé ọwọ́ fún. Olè tó ń gba gígé ọwọ́ ni èyí tó yọ́ wọlé kó nǹkan láti ibi tí olóhun pa á mọ́ sí. Ọmọ tẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sí ìkáwọ́ ẹ̀, àmánà ló dà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, àmọ́ ìjìyà ẹ̀ wà lọ́wọ́ adájọ́ láti wọ̀n. Àlùfáà wa ní Ìlọrin máa ń tẹnu mọ́ ọn gan-an.

Èyí tó ń bí mi nínú níbẹ̀ yàtọ̀. Ní Abújá ńbí náà, ní January 2013, wọ́n gbé ọ̀gá kan tó wà nídìí owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá wá sí kóòtù, ọ̀kẹ́ àìmọye bílíọ̀nù, ó gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ ní kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì méjì tàbí kó san ₦750,000. Ó san án lójú ẹsẹ̀, ó gba ilé lọ. Ẹ wá ń sọ ọdún méje fún ọmọ tó jí ₦640,000? Fáìnì ọ̀gá yẹn fi díẹ̀ ju iye tí ọmọ yìí jí lọ!

Lọ́yà_Gáàkì
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú un wá, torí àwọn èèyàn ò kì í parí ìtàn yẹn. Ẹ̀sùn ìkówójẹ tí wọ́n fi kàn án wà lábẹ́ abala 309, ọdún méjì tàbí fáìnì ni òkè àjà ẹ̀. Àwọn tó kọ òfin yẹn ò ro bílíọ̀nù rárá. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ adájọ́ ní kí adájọ́ náà lọ jókòó sílé fún ọdún kan torí bó ṣe lo agbára ẹ̀, nígbà tó sì di 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sọ fáìnì yẹn nù, wọ́n fún ọkùnrin náà ní ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ní kó dá bílíọ̀nù ₦22.9 padà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni ibi tí fáìnì yẹn ti ṣẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀san wọ̀n ọ́n, kò tó nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá fi ìdẹ́rùbà wọ̀n ọ́n, ó tiẹ̀ burú jù, torí ó sọ ìjìyà di owó ọjà, ẹni tó bá ti kó tó á máa ṣírò ẹ̀ mọ́ ìnáwó. Tẹ́ ẹ bá fi ìyípadà wọ̀n ọ́n, kí ló yí padà lára ẹ̀? Gbogbo ìdí ìjìyà ló sọnù lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ọmọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú tiẹ̀, ìdí kọ̀ọ̀kan ń fà á síbi ọ̀tọ̀.

Bàbá_Nyányà
Ṣé torí pé wọ́n fi olówó sílẹ̀ nígbà kan, ká wá fi tálákà náà sílẹ̀? Olè ni olè ń jẹ́.

Ọmọ_Ìlọrin_Jàbí
Bàbá, mi ò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní kí òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀kan náà ni.

Wọ́dà_Kẹ̀fí
Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ wọ́dà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti rí irú ọmọ yẹn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe rí kẹ́ ẹ tó máa ka ọdún fún ara yín.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọdún ẹ̀wọ̀n kì í ṣe oṣù méjìlá. Ẹni tó bá hùwà dáadáa, wọ́n máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún un, oṣù mẹ́jọ ni ọdún kan. Tí adájọ́ bá sọ ọdún mẹ́ta, ọdún méjì lẹ ń sọ.

Ìkejì, tí mo bá ka èèyàn mẹ́ta nínú ọgbà, méjì ń retí ẹjọ́ ni, bí àbúrò ìyá ìbejì tó sọ̀rọ̀ lókè. Ibùsùn tí wọ́n ṣe fún èèyàn díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń sùn síbẹ̀. Sùlèjá yẹn, láti 1914 ni, àádọ́ta lé nígba ni wọ́n kọ́ ọ fún, òjò ló wó ògiri ẹ̀ ní April 2024 tí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún fi sá lọ. Irú ibẹ̀ yẹn lẹ ní kí ọmọ ti lọ yí padà? Ọmọ tó ń ṣẹ̀wọ̀n kékeré, á ti tán kí wọ́n tó rí àyè fún un ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tàbí ti télọ̀, ojoojúmọ́ ló ń jókòó sí sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kó owó àkáǹtì olówó gidi. Àwọn tó ń ṣẹ̀wọ̀n gígùn ló ń rí ẹ̀kọ́ kọ́, a ní àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì NOUN láti inú ọgbà.

Nítorí náà oṣù mẹ́ta mẹ́ta tẹ́ ẹ rò pé ó fúyẹ́ yẹn, òun ló burú jù lójú tèmi. Ó gùn tó láti ba ọmọ jẹ́, kò gùn tó láti tún un ṣe.

Tíṣà_Zàríà
Bàbá Wọ́dà, ọ̀rọ̀ yín wúwo. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ lórí apá kejì ẹ̀, torí ẹnì kan lè gbọ́ ọ kó ní “tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní ọdún púpọ̀ kó lè kọ́ṣẹ́.” Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà. Ní Kalifóníà, ìyípadà ni wọ́n ní àwọn ń lépa, wọn ò kì í dárúkọ iye ọdún, ìgbìmọ̀ ló máa sọ ìgbà tí ọkàn èèyàn yí padà. George Jackson, ọmọ ọdún méjìdínlógún, lọ́wọ́ nínú olè $70 ní ilé epo, wọ́n fún un ní “ọdún kan sí gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀”, ní 1961. 1971 ló kú, ó ṣì wà lẹ́wọ̀n, ìbọn wọ́dà ló pa á. Wọ́n fagi lé ètò yẹn ní 1976. Àánú lásán tó bá ti di ẹ̀wọ̀n, kò ní òpin, torí kò sẹ́ni tó lè ya àyà ẹ̀ kó fi hàn pé òun ti yí padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹ̀san ló gbọ́dọ̀ pa ààlà. Òun ló máa sọ pé “kò gbọ́dọ̀ kọjá ibí yìí”, kódà tí ìdẹ́rùbà tàbí ìyípadà bá ń bẹ̀bẹ̀ fún sí i. Láàárín ààlà yẹn ni àwọn méjì tó kù á ti jà á láàárín ara wọn.

Wọ́dà_Kẹ̀fí
Mo gbà. Mi ò ní kí wọ́n fi kún un o, kí wọ́n má kàn án ní kékeré torí pé kékeré ló rọrùn láti fọwọ́ sí ni mo wí.

Àyọ̀_Kúbwà
Mo ti bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè Tíṣà. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní “tí kò bá sẹ́ni tó máa gbọ́, ọdún kan tó, àmọ́ mo fẹ́ owó mi.” Ìyàwó ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n bi yín, ṣé wọn ò lè fún un ní iṣẹ́ ìlú, kó máa gbálẹ̀ ọjà kó sì máa san owó? Ó ní ibi tí gbogbo ọmọ pláásà á ti máa rí i nìyẹn, ìdẹ́rùbà náà á wà níbẹ̀.

Lọ́yà_Gáàkì
Ìyàwó yẹn gbọ́n. Ibi tí òfin ti wá di kókó nìyí. Abala 460 nínú ACJA fún adájọ́ láyè láti dá ẹ̀wọ̀n dúró, tàbí kó fún èèyàn ní iṣẹ́ ìlú, abala tó tẹ̀ lé e ní kó má kọjá oṣù mẹ́fà, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí márùn-ún lóòjọ́. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an bá ọ̀rọ̀ Bàbá Wọ́dà mu: kí ọgbà má kún, kí ẹni tó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré má bàa dara pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.

Àmọ́ abala 460 kan náà ní kò sí èyí fún ẹni tó lo ohun ìjà, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà ẹ̀ bá ju ọdún mẹ́ta lọ. Olè ọmọ iṣẹ́ jẹ́ méje. Olè lásán pàápàá, abala 287, márùn-ún ni. Kó o wò ó dáadáa, ẹ̀ṣẹ̀ tí iṣẹ́ ìlú yẹ fún jù lọ ni ìlà yẹn tì síta. Bí èmi ṣe kà á nìyẹn, torí náà mi ò ní gbé ẹjọ́ yìí lé iṣẹ́ ìlú, ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn á rí ibi gbá mú.

Ọmọ_Ìlọrin_Jàbí
Ẹ dúró ná. Mo máa ń kà á nínú ìwé ìròyìn pé kóòtù àdúgbò ní Abújá fún olè fóònù ní iṣẹ́ ìlú, kó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó gbálẹ̀ kóòtù. Báwo nìyẹn?

Lọ́yà_Gáàkì
Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé “ìjìyà” inú ìlà yẹn ni iye tí adájọ́ fúnra ẹ̀ bá fún un, kì í ṣe òkè àjà inú òfin, torí náà tó bá ti wà lábẹ́ ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ ìlú ṣeé ṣe. Àwọn kan sì ń ṣe é torí pé kò sẹ́ni tó máa pe ẹjọ́ lórí ẹ̀. Èmi ò fara mọ́ kíkà yẹn, nítorí ohun tí wọ́n kọ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà ẹ̀ ju mẹ́ta lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ẹni. Àmọ́ ẹ lè gbọ́ ohun tó yàtọ̀ lẹ́nu lọ́yà míì, á sì ní ìdí tiẹ̀.

Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni owó. Abala 321 jẹ́ kí adájọ́ ní kó dá owó padà tàbí kó san gbà-má-bínú, ní àfikún sí ìjìyà míì tàbí *dípò* ẹ̀. Kò sí ìlà ọdún mẹ́ta nínú ìyẹn. Fáìnì náà wà nínú abala 289 fúnra ẹ̀. Tí èmi bá ni adájọ́, oṣù mẹ́ta tó ti lò ní Kùjẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò, màá ní kó san ₦490,000 tó kù fún olóhun, màá fi fáìnì díẹ̀ lé e, màá ní kí wọ́n má tún dá a padà sí Kùjẹ́.

Bàbá_Nyányà
Fáìnì “díẹ̀”. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń bínú sí fáìnì ọ̀gá ìfẹ̀yìntì lókè níbẹ̀ yẹn? Bí ọmọ yìí bá san ohun tó jí padà, kí ló pàdánù? Ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ ló dá padà. Ìjìyà dà níbẹ̀? Èmi ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọdún méje, àmọ́ ọdún kan, ó kéré tán.

Tíṣà_Zàríà
Bàbá bá wa ńbẹ̀ yẹn o. Dídá owó padà kì í ṣe ẹ̀san, ìyẹn ń tún nǹkan olóhun ṣe ni. Tí kò bá sí nǹkan míì lé e, a jẹ́ pé ẹni tí wọn ò mú ló jèrè, ẹni tí wọ́n mú sì kàn yáwó láìsan èlé ni. Oṣù mẹ́ta Kùjẹ́ ni mo fẹ́ kà mọ́ ìjìyà, torí pé ọjọ́ ayé ẹ̀ ló lọ níbẹ̀. Ṣé oṣù mẹ́ta tó? Lọ́kàn tèmi, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni ààlà, oṣù mẹ́ta yẹn ti jẹ apá kan nínú ẹ̀. Lọ́yà á sọ pé ó ti tó, Bàbá á sọ pé kò tó, mi ò sì mọ òṣùwọ̀n tó lè pa wá pọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Lúgbè
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo ṣi ọ̀rọ̀ kà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì ti dé kóòtù báyìí, ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ ò ní rí owó kankan gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Àbúrò mi ni mo fi ń wò ó, àwa la ń gbé oúnjẹ àti owó lọ fún un, kò sí kọ́bọ̀ tó ń jáde láti ibẹ̀. Kí ni ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe?

Àyọ̀_Kúbwà
Ó mọ fóònù tún ṣe mà, dáadáa gan-an. Gíláàsì tó fọ́, bátìrì, gbogbo ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun lòun kọ́ ọ.

Lọ́yà_Gáàkì
Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ, ẹ má lo gbogbo ẹ̀ fún èébú, adájọ́ ti gbọ́ pé ó jalè. Ẹ sọ iye tó kù, ohun tí owó yẹn ṣe fún okòwò, pé òun lẹ̀gbọ́n yín kọ́ níṣẹ́ tó sì da àmánà, ẹ má fi ìyẹn pa mọ́, ohun tí ẹ̀san máa wò nìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ pé ó ní iṣẹ́ tó lè fi san gbèsè. Ọdún tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ lè sọ ọ́, àmọ́ kò de adájọ́.

Àyọ̀_Kúbwà
Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà báyìí, àmọ́ ó ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá ní kó máa san díẹ̀díẹ̀, ó máa san ti oṣù kìíní kó sá lọ sí Káńò. Kí la máa ṣe sí ìyẹn sà?

Lọ́yà_Gáàkì
Ẹ bẹ agbẹjọ́rò ìjọba kó bá yín béèrè pé kí adájọ́ kọ iye àti ọjọ́ sínú àṣẹ ẹ̀, kì í ṣe “kó san án” lásán. Ẹ ní kí ẹni tó dúró fún bélì ẹ̀ tún dúró fún owó náà, tó bá gbà. Ohun tó bá san lábẹ́ àṣẹ yẹn, wọ́n á yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá tún gbé e lọ kóòtù fún gbèsè, torí náà kẹ́ ẹ máa pa rìsíìtì mọ́, kó sì máa wọ àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá_Nyányà
Àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù gidi o, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó wà lórí káńtà dáadáa.